Ẹ̀fọ́rí Tí Kì Í Ṣe Ti Oògùn Kòkó

Òjò ọjọ́ náà kò le, ṣùgbọ́n kò dá rárá. Ó ti ń wín láti òru, irú òjò tí kì í dún lórí páànù, tó jẹ́ pé èèyàn á na ọwọ́ síta kó tó mọ̀ pé ó ń rọ̀. Kùrukùru bo ibi gbogbo. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a máa ń rí ẹ̀yìn àwọn àpáta Ìdànrè láti ẹnu ọ̀nà wa ní abà, dúdú, pẹ̀lú ipa omi funfun lára wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò rí àpáta. Mi ò rí igi kòkó tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná pàápàá. Ó dà bíi pé ilé wa nìkan ló kù láyé. Otútù mú, igi ìdáná tutù, èéfín kò sì rí ọ̀nà jáde.

Ọdún díẹ̀ ni èyí lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Abà wa wà ní ọ̀nà igbó tó lọ sí apá Ọfọ́sù, ó jìnnà sí Òdóde, ìlú wa ní Ìdànrè, níbi tí a kọ́ ilé sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ìyàwó, ilé tó wà níbẹ̀ pọ̀, ariwo ọmọdé kì í jẹ́ kéèyàn sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ ilé ti wà ní títì. Àwọn ọ̀dọ́ ti bá owó epo rọ̀bì lọ sí ìlú ńláńlá, àwọn àgbà kan ti kú, àwọn kan ti padà sí Òdóde láti jókòó sínú ilé. Ìbejì ni mo bí. Ọkùnrin wà ní Òkè Ọya lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Obìnrin jẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́, ó ti bímọ, ọmọ rẹ̀ ló sì sọ mí di ìyá àgbà. Nínú ilé wa, èmi àti bàbá wọn ló kù sí abà. Ẹni tó tún sún mọ́ wa ni Alàgbà, bàbá tó ń darí àdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kékeré tó wà lódìkejì odò, òun náà àti ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A lè wà láti àárọ̀ dé ọ̀sán kó jẹ́ pé “ṣé omi gbóná?” ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí màá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í sì í ráhùn. Ejò bù ú jẹ nígbà kan, nígbà tó délé ló sọ pé nǹkan kan gé òun lẹ́sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà ọ̀rá kó lè lọ wò bóyá omi ti wọ oko kókò wa. Ó ti wọ ẹsẹ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi ààrò, mò ń fẹ́ iná. Mo gbọ́ tó ní, “Háà!” Kò pariwo. Bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ gbá láti ẹ̀yìn ló ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo wò ó, ó ti gbé ọwọ́ lé ìpàkọ́, ó ń yí ojú wá ẹnìkan lẹ́yìn ara rẹ̀.

“Ta ló là mí nígi?”

“Kò sẹ́nì kankan, Bàbá Ìbejì. Èmi nìkan ló wà níbí.”

“Ẹnìkan là mí nígi lórí, Ìyá Ìbejì.”

Mo rò pé ó ń ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣeré. Kí n tó dìde, ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀, ó di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò tíì jẹun, omi lásán ló ń jáde, ó sì ń bì ṣáá. Nígbà tó dẹwọ́, ó wò mí, ó pè mí ní “Ìyá mi”, bí ẹni pé ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìgbà díẹ̀ ni ojú rẹ̀ fi wà bẹ́ẹ̀, kó tó tún mọ̀ mí.

“Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú.”

Ìmọ́lẹ̀ wo? Kùrukùru ló wà níta. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, mo tẹ́ ẹní fún un nínú òkùnkùn.

“Báwo ló ṣe rí?” mo bi í.

“Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, orí ò fọ́ mi báyìí rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo bá ọkùnrin yẹn gbé títí irun wa fi funfun. Mi ò gbọ́ ọ kó sọ irú rẹ̀ rí.

Kí n sọ nípa oògùn kòkó. Ẹni tí kò bá dá oko kòkó kò ní mọ̀. Ní àsìkò òjò la máa ń fín kòkó kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, kí èso rẹ̀ má sì dúdú lórí igi. Àwọn ọkùnrin á gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á máa fín in sókè, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ padà sí wọn lójú. Kò sí ẹni tó ń fi nǹkan bo imú nígbà náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ wọn, òòyì á máa kọ́ wọn, àwọn mìíràn á bì. Gbogbo wa la mọ ìtọ́jú rẹ̀: a ó fún wọn ní epo pupa díẹ̀ tàbí mílíkì agolo, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á sùn. Nítorí náà, ní abà, tí orí bá ti fọ́ ọkùnrin ní àsìkò fífín, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó fà á. Oògùn kòkó ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo sọdá odò lọ pe Alàgbà. Nígbà tó dé, ó ti mú agolo mílíkì dání, ìgò epo wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lára.

“Bàbá Ìbejì, ẹ tún ti mu oògùn kòkó yó!” Bó ṣe wọlé nìyẹn. “Mo ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n fín jù.”

 Ọkọ mi kàn gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́ ariwo.

“Alàgbà,” mo ní, “kò fín nǹkan kan. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ta ló ń fín kòkó nínú òjò?”

“Ó fín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn yẹn máa ń sá pamọ́ sínú ara, Ìyá Ìbejì. Ó lè jókòó síbẹ̀ kó máa ṣe jẹ́jẹ́, kó tó wá dìde.”

“Ti oògùn kòkó kì í dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, ṣé ti yín ti là yín nígi rí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tèmi, ìyàwó mi ló máa ń là mí nígi, kì í ṣe oògùn.” Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣí ìgò epo náà. “Ẹ jẹ́ ká fún un díẹ̀. Màá gbàdúrà sí omi, yóò mu ún, yóò sì sùn. Mo tún ní hóró oògùn ẹ̀fọ́rí nílé, tí ẹ bá fẹ́. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, yóò máa bá yín jà lórí oúnjẹ.”

Èèyàn rere ni Alàgbà. Òun ló gbé ọmọ mi lẹ́yìn dé Òdóde nígbà tí ibà fẹ́ pa á. Mi ò lè sọ pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé epo náà sún mọ́ ẹnu ọkọ mi, tí òórùn rẹ̀ kàn án nímú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń kérora bí ẹran tí tàkúté mú. Mo fọwọ́ gba ìgò náà.

“Ohun tí kò lè dúró nínú rẹ̀, kí la fẹ́ fún un sí? Epo ni o, hóró ni o, yóò pọ̀ ọ́. Ẹni tó ń bì báyìí, tó ń sùn báyìí, ó lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró.”

“Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe?”

“Mo fẹ́ gbé e lọ sí Òdóde.”

“Nínú òjò yìí? Ẹ ò rí i pé orí náà ti ń rọlẹ̀?”

Òótọ́ ni, ó ti ń rọlẹ̀. Ohun tó ṣòro jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ la ojú díẹ̀, ó ní, “Ó ti ń dín kù, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n sùn. Bó bá di ọ̀la, tí kò bá lọ, a ó lọ.” Ẹni tó ni orí ló sọ bẹ́ẹ̀. Alàgbà wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí mo bá gbà, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Ilé á pa rọ́rọ́, màá parí iná mi, òun á sì sùn.

Mo jókòó tì í díẹ̀, mo ń rò ó. Ohun tí mo rò kò ju èyí lọ: ọkùnrin yìí ò ráhùn nígbà tí ejò bù ú jẹ, àmọ́ orí yìí mú kó máa wá ẹni tó là á nígi. Ó pè mí ní ìyá rẹ̀. Ohunkóhun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tó bá tún padà wá nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọkọ̀ ò sì sí lọ́nà, kí ni màá ṣe?

“A ń lọ,” mo ní. “Alàgbà, ẹ gbàdúrà. Ẹ gbà á gidi. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbà á bí a ṣe ń lọ.”

“Obìnrin yìí!” Alàgbà ní. Ó di ìgò epo rẹ̀ padà. “Ẹ lọ dúró de ọkọ̀. Èmi á dúró tì í.”

Mo lọ dúró sí ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ agbégẹdú nìkan ló máa ń gba ibẹ̀, àwọn ọkọ̀ gìrìwò tó ń kó igi láti inú igbó lọ sí ibi ìlagi ní Àkúrẹ́, wọ́n sì lè ṣàì kọjá títí di ọ̀sán. Mo fi ewé kókò bo orí. Kò sí ẹyẹ tó ń ké, kò sí ẹni tó ń kọjá. Kùrukùru ti jẹ ọ̀nà náà lápá òkè àti ìsàlẹ̀, ó kù ìwọ̀nba ibi tí mo dúró sí. Mo ti dá wà rí, ṣùgbọ́n mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń rò ó pé bóyá bí mo ṣe dúró yìí, ó ti kú nínú ilé, Alàgbà kò sì mọ bó ṣe máa wá sọ fún mi. Mi ò lè padà lọ wò ó, nítorí ọkọ̀ lè kọjá. Mo dúró.

Nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀, àárín ọ̀nà gan-an ni mo bọ́ sí. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì, ó yọ orí síta.

“Ìyá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ yín pa ni? Àbí ẹ̀mí yín ti sú yín?”

“Ọkọ mi ń kú lọ nínú ilé. Ẹ gbé wa dé Òdóde.”

Ó pa ẹ́ńjìnnì.  Òun àti ọkùnrin méjì tó ń bá a gbé igi sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi ẹní gbé ọkọ mi wá, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àga iwájú, orí rẹ̀ lórí itan mi. Àwọn méjèèjì lọ jókòó sórí igi lẹ́yìn nínú òjò. Ìgbà tí a ti rìn díẹ̀ ni awakọ̀ náà tó rántí ẹnu rẹ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n má bì sí ọkọ̀ mi o. Ọ̀gá mi burú.”

“Máa wakọ̀ rẹ, ọmọ mi. Tó bá bì, itan mi ló máa bì sí.”

Ní dìsípẹ́ńsárì Òdóde, nọ́ọ̀sì kan ló wà níbẹ̀, obìnrin tó ti ń dàgbà, tó fi súwẹ́tà lé aṣọ funfun rẹ̀ nítorí otútù. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo sọ pé orí ló ń fọ́ ọ, ẹnìkan lára àwọn tó jókòó ní, “Orí? Èmi náà, orí ń fọ́ mi. Kí ó tò sẹ́yìn.”  Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ tì wá.

“Ìyá, ṣé díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ̀ẹ̀kan náà?”

Bó ṣe bi mí bẹ́ẹ̀, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Ìbéèrè tí mo ti ń bi ara mi láti àárọ̀ ni.

“Ẹ̀ẹ̀kan náà. Ó ń wọ bàtà lọ́wọ́. Ó ní wọ́n là òun nígi.”

“Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe wọ́n rí?”

“Kò ṣe wọ́n rí.”

“Ó tó ìgbà wo kó tó le dé góńgó?”

“Kò pẹ́ rárá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ti le.”

“Ṣé wọ́n dákú? Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ tí kò yé yín?” Mo sọ fún un pé ó pè mí ní ìyá rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ti gbé mì, mo ní kò gbé nǹkan kan mì. Ó so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fún un, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ abẹ́ orí rẹ̀, ó fẹ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ wá sí àyà jẹ́jẹ́. Ọrùn náà kò tẹ̀. Ó le bí igi, ọkọ mi sì ké.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní hóró méjì,” ọkọ mi ní, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. “Ẹ fún mi ní hóró méjì, kí n máa lọ sílé. Ó ti ń dín kù.”

“Bàbá, mi ò ní hóró tí màá fún yín. Kó dín kù, kó má dín kù, Àkúrẹ́ lẹ ń lọ nísinsìnyí.” Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Orí tó bá fọ́ni lójijì báyìí, tó le ju gbogbo èyí tó ti ṣe èèyàn rí lọ, a kì í tọ́jú rẹ̀ nílé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti jò nínú orí. Tí hóró bá pa ìrora náà, yóò kàn jẹ́ kẹ́ ẹ sùn tì í ni. Ibi tí wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n ni Àkúrẹ́.”

Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ó sì jáde sínú òjò lọ bá awakọ̀ tó fẹ́ máa lọ.

“Ibo lo ń gbé igi lọ?”

“Àkúrẹ́, Mà.”

“Bàbá yìí ń bá ọ lọ. Rọra máa bọ́ sínú kòtò. Má sì dúró níbì kankan kó o lọ jẹ ẹ̀bà.”

“Àní ẹ̀bà, Mà! Mi ò tíì jẹun láti àná.”

“Tó o bá dé ọ̀hún, wàá jẹun.”

Ọ̀nà náà gùn lójú mi. Mo fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi bo ojú rẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Nígbà míì ó máa dáhùn tí mo bá pè é, nígbà míì ó máa pẹ́ kó tó dáhùn. Mo ń pè é ṣáá. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ fún un, gbogbo ohun tí a kò sọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ló ń jáde lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ páànù tó ń jò. Awakọ̀ náà ń wo iwájú bí ẹni pé kò gbọ́.

Nígbà tó já wa sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, òun ló lọ sí ilé ìwé ọmọ mi lọ sọ fún un. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn bi mí bóyá mo ní ẹnìkan nílùú náà, ó sì lọ. Mi ò tún rí i mọ́ láti ìgbà yẹn.

Wọ́n gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn kan, wọ́n ní kí n jókòó síta. Mo jókòó. Ìgbà tí ọmọ mi dé, pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ó bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá a lóhùn, mo ń wo ẹnu wọn.

“Màámi, wọ́n fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n ní omi kan wà tó yí ọpọlọ ká, tó sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ wò ó.”

“Kí wọ́n wò ó.”

Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀, ọmọ Yorùbá ni, ó sì fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde wá pẹ̀lú àwọn ìgò tínrín lọ́wọ́. Ó ní omi yẹn yẹ kó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Ohun tó wà nínú ìgò náà pupa. Ó fi èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà hàn wá, ó fi èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn hàn wá. Ó ní tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ló gún iṣan lẹ́yìn, ìgò tó kẹ́yìn ì bá mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bákan náà ni wọ́n rí.

“Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti jò nínú orí wọn, Màmá. Ó jọ pé ibì kan lára iṣan náà ti wú bíi tọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ tó yọ kókó, ibẹ̀ ló bẹ́. Ó ti dì díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè tún bẹ́. Bó bá tún bẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í là á já.”

“Alàgbà wa ní oògùn kòkó ni.”

“Oògùn kòkó lè fọ́ni lórí. Kì í ṣe báyìí.” Ó béèrè bóyá ó mu hóró ẹ̀fọ́rí kankan. Mo ní rárá. Ó mí kanlẹ̀. “Ó dára. Àwọn kan wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jò lórí rẹ̀ ò nílò ìyẹn.”

Ìbàdàn ni wọ́n ti lè ya fọ́tò iṣan náà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó lè ṣí orí wà. Wọ́n ní ọkọ̀ ọsibítù máa gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹnikẹ́ni má pariwo tì í. Ẹnìkan péré ló lè tẹ̀ lé e.

Ọmọ mi wò mí. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí náà mo sọ ọ́ fún un.

“Ìwọ ni kó o lọ. Tí wọ́n bá bi mí léèrè nǹkan ní Ìbàdàn, kí ni màá sọ? Tí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ sí ìwé, ta ló máa kà á fún mi?”

“Màámi, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà ńkọ́?”

“Ìwọ ni wàá wà níbẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ọmọ yín ló ń bá yín lọ.” Ó ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”  Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

Mo sun yàrá ọmọ mi ní Àkúrẹ́, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn lọ sun yàrá kejì kí n lè sinmi. Mi ò sinmi.

Nísinsìnyí tí mò ń sọ ọ́, mo mọ bó ṣe parí. Wọ́n ṣí orí rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n dí ibi tó bẹ́ náà. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tó padà wálé. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kan rọ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún wá ṣọ̀wọ́n sí i, kò sì gbé pọ́ǹpù mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí, ó sì tún bá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún púpọ̀. Àwọn dókítà ọ̀hún sọ fún ọmọ mi pé tí a bá jẹ́ kó sùn sílé di ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bá a láàyè.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, mi ò mọ ìkankan nínú èyí. Kò sí tẹlifóònù tí mo lè pè. Mo wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà sí Òdóde, mo bá ọkọ̀ agbégẹdú mìíràn dé abà. Òjò ti dá. Oòrùn ti yọ, mo sì mọ̀ pé àwọn tó kù máa fẹ́ gbé pọ́ǹpù. Ọjọ́ ìpàdé àdúrà ọ̀sán ni. Mi ò yà sílé. Mo sọdá odò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe wà, mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí Alàgbà béèrè pé ta ló ní ẹ̀rí, mo dìde. Mi ò dìde jẹ́rìí rí láyé mi.

“Ìyá Ìbejì!” Alàgbà ní. “Ṣé Bàbá ti dé? Halelúyà!”

“Wọn ò tíì dé. Wọ́n gbé wọn lọ sí Ìbàdàn.”

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ dúró kí Olúwa parí iṣẹ́ Rẹ̀ ná. A kì í jẹ́rìí ohun tí kò tíì parí.”

“Kì í ṣe ẹ̀rí, Alàgbà. Ọ̀rọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin fẹ́ lọ fín kòkó lónìí, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó lọ.”

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì kó ọwọ́ lé itan.

Mo sọ fún wọn. Mo ní tí orí bá fọ́ ẹnikẹ́ni díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn fífín, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, bí kò bá sì lọ, kí wọ́n lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ṣùgbọ́n tó bá fọ́ ọ lójijì bí ẹni tí wọ́n là nígi, tó le ju gbogbo èyí tó ti ṣe é rí lọ, tó ń bì, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, kí wọ́n má fún un ní epo, kí wọ́n má fún un ní mílíkì, kí wọ́n má fún un ní hóró. Kí wọ́n má dúró de ọ̀la. Tó bá tilẹ̀ rọlẹ̀, kí wọ́n má gbà. Kí wọ́n lọ dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n gbé e lọ. Kí wọ́n máa gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń lọ.

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín, nítorí kò jọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Ìyàwó Alàgbà ló la ẹnu, láti ẹ̀yìn níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí.

“Bàbá Ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n wà láàyè?”

“Mi ò mọ̀,” mo ní, mo sì jókòó.